Kí ló dé tí ẹ̀rọ tó ń gbọ́rọ̀ kọ kì í fi í gbọ́ Yorùbá tó bá lú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ètò rédíò wákàtí kan tí àwọn ará ìlú ń pè wọlé sí, bí èèyàn bá ní kí òun fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn fi yíjú sí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń parí iṣẹ́ wákàtí kan. Nígbà tí olóòtú ìròyìn bá ń kà á, gbogbo nǹkan á lọ déédéé, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ á bá ohun tí wọ́n sọ mu. Àfi bí ẹni àkọ́kọ́ bá pè wọlé láti ìta, tó ń sọ̀rọ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́ ní ìgboro, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ẹ̀rọ náà ń kọ máa ń pani lẹ́rìn-ín. Ohun tó bá wà ní kíkọ ni èèyàn lè wá rí lórí ayélujára lọ́la. Ohun náà ni akọ̀ròyìn máa fi lélẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ń bèèrè pé ta ló ráhùn, kí ló sọ. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara nìkan ló ń yọ síbẹ̀, a jẹ́ pé ìyálọ́jà tó pè láti Mọ́níyà kò pè nìyẹn.

Ká mú gbólóhùn kan ṣoṣo, ká tú u palẹ̀. Ẹnì kan pè wọlé, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ̀mpiléènì nípa tiransifọ́mà wa tó ti bulóò láti láàsì wíìkì.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́sàn-án jẹ́ Yorùbá, márùn-ún jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí akọ̀wé kan tó fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà bá kọ ọ́, bó ṣe máa rí nìyí:

```
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ complain nípa transformer wa tó ti blow láti last week
```

Bí èèyàn bá sọ fún ẹ̀rọ náà pé Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ gbọ́, irú ohun tó lè jáde rèé:

```
edge or more for complain nipper transformer water tea blow latte last week
```

Bó bá sì sọ fún un pé Yorùbá ni, irú èyí ló lè kọ:

```
e joo mo fe kompileni nipa transifoma wa to ti bulo lati lasi wiki
```

Ẹ wo méjèèjì dáadáa, nítorí wọ́n ṣì ń bọ̀ wá wúlò. Èyí àkọ́kọ́ mú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ “wa tó” di omi, ó sọ “ti” di ohun mímu, ó sì sọ “láti” di kọfí oníwàrà. Èkejì mú gbogbo Yorùbá rẹ̀, kò fi àmì kankan sí i, ó sì kọ Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe dún létí.

Kí ló fà á? Ẹ̀rọ tó ń gbọ́rọ̀ kọ kì í mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Nǹkan méjì ló ń so pọ̀: bí ohùn náà ṣe dún, àti ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tó ti kọ kọjá. Bí ohùn bá ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ tó rò pé ó yẹ kó tẹ̀ lé e ló máa kọ. Ọmọ Yorùbá náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí mọ́tò bá fọn fèrè nígbà tí ẹnì kan ń sọ pé “ẹ kú…” lọ́wọ́ àárọ̀, olúkúlùkù mọ ohun tó kù. Ẹ̀rọ náà ń méfò bẹ́ẹ̀ láti inú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kékeré, tó bá gbọ́ “wa tó”, kí ni kó kọ bí kò bá kọ omi?

Ẹ̀rọ Whisper tí iléeṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 wà lára àwọn tí àwọn èèyàn ń lò jù, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà ilé sì lè gbé e. Wọ́n fi ohùn tó tó wákàtí 680,000 kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ló kó ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹ̀wà nínú àpò ìrẹsì ni. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó máa ń gé ohùn sí abala ìṣẹ́jú-àáyá 30. Kó tó kọ ọ̀rọ̀ kan nínú abala yẹn, ó máa ń kọ́kọ́ fi àmì èdè kan ṣoṣo síwájú, bóyá `<|en|>` fún Gẹ̀ẹ́sì tàbí `<|yo|>` fún Yorùbá. Bó bá ti mú ọ̀kan, ìyẹn ló máa darí gbogbo ohun tó máa kọ títí abala náà á fi parí. Kò sí àmì kẹta fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ tó fi ìkejì sórí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, ará Ìbàdàn kan lè ti kúrò nínú Yorùbá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì kó sì tún padà lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àmì èdè nìkan kọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọ inú gbólóhùn Yorùbá kì í jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ó máa ń di ọmọ ilé. Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà á fi fáwẹ́lì sáàárín, á fi òmíràn sẹ́yìn, á sì gbé ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ lé e lórí. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe di “wíìkì” lẹ́nu ẹni tó pè yẹn nìyẹn. Ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gírámà Yorùbá gan-an máa ń mú un ṣiṣẹ́. Bí “lílọ” ṣe ti ara “lọ” wá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń sọ pé “pípáàkì mọ́tò síbí ò dáa.” Ẹ gbọ́ “pípáàkì” yẹn dáadáa. Kò sí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan, kò sì sí nínú ìwé Yorùbá kankan tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀gún ọ̀rọ̀ náà wà. Àmúlùmálà jẹ́ èdè ẹnu. Nígbà tí ẹni kan náà tó ń lú Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ bá mú bírò, á kọ Gẹ̀ẹ́sì tààrà. Bó bá sì jẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá ló ń kọ fún, Yorùbá tó dá ṣáká ló máa kọ. Ẹ̀rọ tó ń kọ́ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ láti inú ohun kíkọ kò lè rí àmúlùmálà kọ́, nítorí pé wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn àkójọ ohùn tó wà fún Yorùbá náà ní ìṣòro kan náà. ÌròyìnSpeech, tí àwọn onímọ̀ èdè àti kọ̀ǹpútà gbé jáde ní ọdún 2023, iṣẹ́ gidi ni: ohùn wákàtí 38.5 láti ẹnu olùyọ̀ǹda 80. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ìròyìn àti ìtàn ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wọn láti kà. Ẹ̀rọ MMS tí iléeṣẹ́ Meta gbé jáde ní ọdún kan náà lè gbọ́ èdè tó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé Májẹ̀mú Tuntun tí wọ́n kà sórí ẹ̀rọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Èèyàn á rí i bó ṣe máa rí: ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá pàdé ọlọ́kadà tó ń bínú lórí afẹ́fẹ́.

Ní ti bí ahọ́n olúkúlùkù ṣe rí, ọ̀rọ̀ náà pín sí ọ̀nà méjì, wọn ò sì jọra. Ọ̀kan ni Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Yorùbá kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú `Venice`, kò sì ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ `Zambia`. Ẹni tí kò bá fi ara balẹ̀ á fi “f” rọ́pò èkíní, á fi “s” rọ́pò èkejì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ rírìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, `work` àti `walk`, máa ń dún bákan náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tó léwu jù ni nọ́ńbà. Ohun tí òyìnbó fi ń ya `fifteen` sọ́tọ̀ sí `fifty` ni ibi tó ti ń tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Yorùbá kì í tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn ló ń lò, nítorí náà àmì tí ẹ̀rọ ń wá kò sí níbi tó ti ń wá a. Bó bá jẹ́ iye owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ni, ó burú. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n oògùn tí dókítà ń sọ fún ẹ̀rọ kó kọ sínú ìwé aláìsàn ni, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ dókítà yìí ló bí àkójọ AfriSpeech-200 ní ọdún 2023. Dókítà Tóbi Ọlátúnjí àti iléeṣẹ́ Intron ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì wákàtí 200 ni, láti ẹnu èèyàn 2,463, ní orílẹ̀-èdè 13 ní Áfíríkà, pẹ̀lú oríṣi ahọ́n 120. Ti Yorùbá wà lára àwọn tó pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi àkójọ yìí tún kọ́ ń gbọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí dáadáa ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ wọn tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe Áfíríkà nìkan ni èyí sì ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford gbé ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ńlá márùn-ún ní Amẹ́ríkà yẹ̀ wò. Nínú ọ̀rọ̀ 100 tí ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun sọ, ẹ̀rọ náà ń ṣi nǹkan bíi 19 gbọ́. Nínú 100 tí aláwọ̀ dúdú sọ, ó ń ṣi 35. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ o, Gẹ̀ẹ́sì abínibí.

Ọ̀nà kejì ni ahọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan nínú Yorùbá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn máa ń sọ “sé” níbi tí ẹlòmíràn ti ń sọ “ṣé.” Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, “ulé” ni ilé. Ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “u,” nítorí náà ẹ̀rọ tó ti mọ àjùmọ̀lò nìkan kò ní fẹ́ kọ ọ́ rárá, àní bó bá tilẹ̀ gbọ́ ọ kedere.

Wàyí o, báwo ni èèyàn ṣe lè mú un sàn? Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí iléeṣẹ́ èyíkéyìí ṣe ni kó mọ bó ṣe ń burú tó, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í wọ̀n ọ́n dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n á ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi òmíràn rọ́pò, èyí tó fò, àti èyí tó fi kún un láìsọ, wọ́n á pa á pọ̀, wọ́n á wá fi iye ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ pín in:

```
WER = (S + D + I) / N
```

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbólóhùn tiransifọ́mà. Èyí tí ẹ̀rọ kọ bíi Yorùbá, bí wọ́n bá fi wé ti akọ̀wé lẹ́tà sí lẹ́tà, “mo,” “wa” àti “ti” nìkan ló bára mu. Mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá ló kùnà, ìyẹn 79 nínú 100. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yìí á ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jù sí ààtàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára ti akọ̀wé, tí wọ́n sì sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún nìkan ló kù tí kò bára mu, ó di 36. Bí wọ́n bá wá gbà pé “transifoma” àti `transformer` ọ̀rọ̀ kan náà ni, tí wọ́n kọ irú wọn sínú àkọsílẹ̀ kan tó ń pa wọ́n pọ̀, kò sí àṣìṣe kankan mọ́. Ẹ̀rọ kan náà, ohùn kan náà, 79, 36, òdo. Èyí tó kọ bíi Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ gbogbo àmì, ó ṣì fi ọ̀rọ̀ mẹ́jọ rọ́pò mẹ́jọ, ó sì fo “tó.” Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá, ìyẹn 64. Àṣìṣe tirẹ̀ kò ṣeé fọ̀ kúrò.

Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ tó bá wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan fi máa yan ẹ̀rọ tí kò dáa. Nọ́ńbà 64 dà bí ẹni pé ó sàn ju 79 lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ka ti Yorùbá sókè á mọ ohun tí ẹni tó pè ń sọ, ẹni tó bá ka ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ ohunkóhun ju pé tiransifọ́mà kan bàjẹ́. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: àṣìṣe ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń dán. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni gbogbo rẹ̀, olóòtú tó ń kánjú lè kà á kọjá láìfura. Ti Yorùbá rí págunpàgun, ojú á rí i lọ́gán.

Kì í ṣe pé kí èèyàn máa yọ àmì ohùn kúrò títí láé o. “Ọkọ,” “ọkọ̀” àti “ọkọ́” á di nǹkan kan náà bí àmì bá ti lọ, ẹ̀rọ á sì máa gba máàkì fún ohun tí kò gbọ́. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Ó sì ní ohun kékeré kan tó ti fa orí fífọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: lẹ́tà bíi “ọ́” ṣeé tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀, á sì kà á sí àṣìṣe. Ìlà méjì yìí ló ń sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan kí wọ́n tó fi wéra:

```
import unicodedata
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ó kan ohùn fúnra rẹ̀. Ohùn tó gba orí ìlà fóònù àtijọ́ wá kì í gbé ìró tó ga ju 3,400 Hz lọ. Bẹ́ẹ̀, lókè ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbára “s” wà, ohun tó ya “s,” “ṣ” àti “f” sọ́tọ̀ sì máa ń sọnù. Atọ́kùn ètò tó wà níwájú gbohùngbohùn nínú sítúdíò àti ẹni tó pè láti ìta kì í ṣe ohùn irú kan náà, kí wọ́n má dà wọ́n pọ̀. Bí ẹ̀rọ sítúdíò bá lè gba ìlà fóònù sọ́tọ̀, kí wọ́n gbà á sọ́tọ̀. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gé ẹni kọ̀ọ̀kan tó pè sí fáìlì tirẹ̀, kí wọ́n sì yọ orin àti ìpolówó kúrò, nítorí pé Whisper máa ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ bó bá bá orin tàbí ìdákẹ́jẹ́ pàdé. Bí gbólóhùn kan náà bá ń jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀ léra, kí olóòtú ti mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Gígé yìí ní èrè kejì. Whisper máa ń gba ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ gbólóhùn àmúlùmálà kan àti orúkọ àdúgbò síbẹ̀, á rí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó máa kọ ọ́, á sì máa tẹ̀lé e débì kan:

```
ffmpeg -i ipe.mp3 -ar 16000 -ac 1 ipe.wav
whisper ipe.wav --model large-v3 --language yo \
  --condition_on_previous_text False \
  --initial_prompt "Ẹ jọ̀ọ́, transformer wa ti blow. Mọ́níyà, Òjòó, prepaid meter, bill."
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ ohùn di irú tí ẹ̀rọ ń fẹ́. Ìlà kejì ń sọ pé Yorùbá ni kó mú, dípò kó máa méfò èdè fúnra rẹ̀. Èyí tó ní `False` ń dá a dúró kó má máa gbé àṣìṣe abala kan wọ òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́nà tí wọ́n fi kọ àṣẹ yìí, abala àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà náà ń ràn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí fáìlì kúkúrú fi sàn ju ètò wákàtí kan lódindi lọ. Kò sì gba ọ̀rọ̀ gígùn: ibi tó lè gbé dé ni ègé 224, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì sì máa ń jẹ ègé púpọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń ya á wẹ́wẹ́. Kí wọ́n kọ orúkọ tó ṣe pàtàkì nìkan.

Gbogbo èyí ń tún ojú rẹ̀ ṣe ni. Ohun tó ń yí inú rẹ̀ padà ni kí wọ́n tún ẹ̀rọ náà kọ́ pẹ̀lú ohùn àwọn tó ń pè gan-an. Kì í gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Nígbà tí iléeṣẹ́ Hugging Face ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọdún 2022, wọ́n mú Whisper kékeré, wọ́n fi ohùn èdè Híńdì wákàtí mẹ́jọ péré tún un kọ́. Àṣìṣe rẹ̀ já láti 63.5 nínú 100 sí 32. Wákàtí mẹ́jọ, ètò rédíò ọ̀sẹ̀ méjì ni fún iléeṣẹ́ tó ń gba ìpè lójoojúmọ́. Lóòótọ́, Híńdì tí wọ́n kà láti inú ìwé nìyẹn. Àmúlùmálà á le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ kì í sábà jẹ́ kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé méjì tó ń kọ nǹkan kan náà ní ọ̀nà méjì ni. Ọ̀kan kọ “wíìkì,” èkejì kọ `week`, ẹ̀rọ á sì kọ́ ìdàrúdàpọ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé ohùn sétí, kí wọ́n ti kọ òfin sójú ewé kan: bóyá Gẹ̀ẹ́sì á wà ní Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni wọ́n á ṣe kọ “pípáàkì,” ṣé nọ́ńbà ni àbí ọ̀rọ̀. Ìkejì ni pé, ẹni tí wọ́n bá fi ohùn rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ tún wà lára àwọn tí wọ́n fi ń dán an wò. Rédíò ní àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn tó ń pè ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí ohùn wọn bá wà níhà méjèèjì, nọ́ńbà á dùn lójú, ẹni tó ń pè fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì ní rí àǹfààní kankan. Ìkẹta ni pé bó bá jẹ́ Yorùbá tó dá ṣáká nìkan ni wọ́n fi tún un kọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Kí wọ́n dà á pọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń dà á pọ̀. Ohùn èèyàn sì jẹ́ ìwífún nípa ara rẹ̀ lábẹ́ òfin ààbò ìwífún ti Nàìjíríà ọdún 2023, nítorí náà kí wọ́n sọ fún ẹni tó pè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ohùn rẹ̀ ṣe.

Àwọn ibì kan wà tí ìtúnkọ́ yìí kò tíì dé. Nọ́ńbà ni ọ̀kan. Owó, nọ́ńbà fóònù àti ìwọ̀n oògùn ṣì gbọ́dọ̀ gba ojú èèyàn kọjá kí wọ́n tó gbé e síta, ó kéré tán kí ẹnì kan padà gbọ́ ibẹ̀. Èkejì ni ahọ́n ìlú. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí gbé àkójọ YORÙLECT jáde, wọ́n fi Yorùbá àjùmọ̀lò wé ti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Ẹ̀rọ gbọ́ àjùmọ̀lò dáadáa ju àwọn mẹ́ta tó kù lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ohùn ìlú náà tún un kọ́, àlàfo náà dín kù. Ìlú mẹ́ta nìyẹn. Ti Èkìtì, Oǹdó, Àkókó àti Ìgbómìnà kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ rédíò wà ní Adó-Èkìtì àti ní Àkúrẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè lójoojúmọ́, tí fáìlì ohùn wọn sì wà lórí kọ̀ǹpútà sítúdíò títí wọ́n á fi pa á rẹ́ kí àyè lè wà fún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.